Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Màmá Káàdì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Bí A Ṣe Kọ Ọ́ àti Bí A Ṣe Kà Á

Nígbà tí olùtọ́jú ìwé àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn wa, ẹni tí wọ́n ń pè ní Màmá Káàdì, ṣaláìsí, èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tí a ó kà níbi ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́. Láti ìgbà náà, bí ikú bá ti ya ilé ìwé tàbí ilé iṣẹ́ kan ní agbègbè Kàbà, Ìjùmú tàbí Yàgbà ní Ìpínlẹ̀ Kogi, ẹnìkan á wá béèrè bí mo ṣe ṣe é. Àwọn ìbéèrè tó máa ń padà wá jù lọ nìyí, pẹ̀lú ohun tí mo máa ń fi dá wọn lóhùn.

Wọ́n ti gbé e lé mi lọ́wọ́, ìpàdé sì ku ọjọ́ mẹ́ta. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bírò. Fi ọjọ́ kìíní gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn mẹ́rin: ẹni tó bá olóògbé jókòó nínú yàrá kan náà, ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹnìkan nínú ẹbí, àti ẹni tí kò sẹ́ni tó máa ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni tó ń gbálẹ̀ tàbí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnubodè. Má ṣe bi wọ́n pé irú ènìyàn wo ni olóògbé jẹ́, nítorí pé ìdáhùn kan ṣoṣo ni gbogbo wọn á fún ọ: ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í bá ènìyàn jà. Bi wọ́n pé, "Kí lẹ rí i tí wọ́n ṣe lójú yín?" Ìbéèrè yìí ló ń mú ìtàn jáde.

Olórí ẹ̀ka wa sọ fún mi pé olóògbé jẹ́ olùfọkànsìn. Ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a kò lè sọ ọ́ fún. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ ló sọ fún mi nípa òjò tó wọ yàrá ìwé àti gèlè tí olóògbé tú lórí nítorí rẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ tán, mo mọ̀ pé ọwọ́ mi ti tẹ ohun tí mo fẹ́ kọ.

Ṣé fáìlì iṣẹ́ kò tó láti mọ ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ipò tí ó dé?

Fáìlì wúlò, àmọ́ ó lè ṣì ọ́ lọ́nà. Nínú fáìlì tiwa, ọdún 1992 ni ìwé ìgbanisíṣẹ́ jáde, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìgbà tí mo kà á fún nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ bá olóògbé pàdé, orúkọ Ìpínlẹ̀ Kwara ló ṣì wà lórí ìwé tí a fi ń kọ lẹ́tà ní ilé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀, oṣù kẹjọ ọdún 1991 ni agbègbè wa kúrò lára Kwara, nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀. A tú àpótí àtijọ́ kan wò, a sì rí i pé olóògbé ti ń ṣiṣẹ́ ojúmọ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó gbà á síṣẹ́ tí ó dúró. Bí mo bá ti ka 1992 sétígbọ̀ọ́ àwọn tó mọ̀, ìyókù ọ̀rọ̀ náà ì bá má wọ̀ wọ́n létí mọ́, nítorí pé ńṣe ni wọ́n á máa ṣàlàyé fún ara wọn pé ọdún náà kò tọ̀nà.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo yọ ọdún náà kúrò, mo fi "láti bí 30 ọdún sẹ́yìn" rọ́pò rẹ̀. Ọdún àti ipò iṣẹ́ ní ibi tiwọn nínú ìwé ètò tí a pín. Ẹni tí a ń kà á fún kò nílò wọn létí.

Ṣé kí n máa pè é ní "ó" ni, àbí "wọ́n"?

Bí olóògbé bá ju ọ̀pọ̀ àwọn tó jókòó lọ, "wọ́n" ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Wàhálà tí "wọ́n" ń dá sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí a ń kà sókè ni pé, nígbà tí àwọn aláìsàn bá tún wọ inú gbólóhùn náà, "wọ́n" di ti ènìyàn méjì, olùgbọ́ kò sì ní ìwé lọ́wọ́ tí yóò fi padà wo ẹ̀yìn. Nínú àkọ́kọ́ tí mo kọ, gbólóhùn kan nípa nọ́ńbà káàdì ilé ìwòsàn lọ báyìí: "Bí wọ́n bá sọ nọ́ńbà wọn nù, wọn kì í lé wọn padà." Ìyàwó mi ni mo kà á fún. Ó ní, "Ta ló sọ nọ́ńbà nù, ta ni kò lé ta padà?"

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ibikíbi tí ẹlòmíràn bá ti wọlé, dá orúkọ olóògbé padà: "Màmá kì í lé aláìsàn tó bá sọ nọ́ńbà rẹ̀ nù padà." Bí aláìsàn bá jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo nínú gbólóhùn, tí a sì fi "ó" pè é, ọ̀nà ti là. Lójú ìwé, ó lè dà bíi pé o ń pe "Màmá" ní àpèjù. Létí, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Fún ojúgbà tàbí ẹni tí ó kéré, "ó" ló yẹ. Má ṣe fi "wọ́n" bọ̀wọ̀ fún ẹni tí gbogbo yín jọ ń pe ara yín ní orúkọ, nítorí pé olóògbé fúnra rẹ̀ ì bá ti fi ọ́ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ wo ni kí n lò dípò "kú"?

"Ṣaláìsí" àti "jáde láyé" kò ní ẹ̀ṣẹ̀ níbikíbi. "Sùn nínú Olúwa" dára bí ẹbí bá jẹ́ onígbàgbọ́. "Papòdà" yẹ àgbàlagbà. "Wàjà" jẹ́ ti ọba; mo ti gbọ́ ọ rí níbi tí wọ́n ti lò ó fún olùkọ́, àwọn àgbà tó jókòó sì ń wojú ara wọn. "Ó dàrìnnàkò, ó dojú àlá" wà fún ẹni tó gbó, tó tọ́. Kì í ṣe ohun tí à ń sọ lójú òbí tó ń sunkún ọmọ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá òkú àgbà ni tàbí òkú ọ̀fọ̀?

Má fi ọjọ́ orí nìkan wò ó. Olóògbé wa lé ní ẹni 55 ọdún, ó ti ní ọmọ-ọmọ, àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ sì ń sọ̀rọ̀ bíi pé ọjọ́ ayẹyẹ ni. Wọ́n ti ń bèèrè irú aṣọ tí a ó jọ wọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí olóògbé ṣì wà láàyè ní abúlé kan ní Ìjùmú, kò sì sí ohun tó lè sọ irú ikú bẹ́ẹ̀ di ìdùnnú láàárín wa. Nítorí náà mo pa gbólóhùn kan tí mo ti kọ, "a dúpẹ́ pé wọ́n jẹun ọmọ," rẹ́ pátápátá. Àbúrò olóògbé ló sọ ọ̀rọ̀ ìyá náà fún mi lórí fóònù. Kò sí nínú fáìlì kankan. Bèèrè lọ́wọ́ ẹbí, kí o tó kọ ìlà kan, bóyá òbí ṣì wà.

Ṣé ó yẹ kí n sọ àìsàn tó pa á?

Rárá. Fún àwa tí a wà ní ilé ìwòsàn, ó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ibi iṣẹ́ ni a ti mọ̀ ọ́n. Ìwé aláìsàn ni ìwé rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó ti dùbúlẹ̀.

Ohun tí àwọn ọ̀gá kò ṣe ńkọ́? Òrùlé yàrá ìwé yẹn ti ń jò tipẹ́.

Mo mọ̀. Ó dun èmi náà, mo sì ti kọ ìlà méjì nípa lẹ́tà tí olóògbé kọ lórí òrùlé náà tí ẹnikẹ́ni kò fèsì sí. Mo yọ wọ́n. Kì í ṣe ìbẹ̀rù ló mú mi yọ wọ́n. Bí mo bá kà wọ́n, ojú gbogbo ènìyàn á yí sí ọ̀gá tó jókòó níwájú, wọ́n á máa wò ó bóyá yóò bínú, olóògbé á sì kúrò lọ́kàn wọn. "Òjò gba òrùlé wọ yàrá ìwé" ni mo fi sílẹ̀. Àwọn tó mọ̀ mọ̀. Ọ̀rọ̀ òrùlé gan-an, a gbé e lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Ṣé a lè rí ọ̀rọ̀ náà gan-an?

Ẹbí ti fún mi láyè. Mo yọ orúkọ kúrò.

*Ọ̀gá wa àgbà, ẹ̀yin olórí ẹ̀ka, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ẹbí Màmá wa, ẹ kú ìrọ́jú.*

*Láti bí 30 ọdún sẹ́yìn, ẹni tó bá wọ ilé ìwòsàn yìí, kí ó tó rí dókítà, kí ó tó rí nọ́ọ̀sì, Màmá ló máa ń kọ́kọ́ rí, lójú fèrèsé kékeré yẹn. Àwọn aláìsàn kò mọ orúkọ tó wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́. Màmá Káàdì ni wọ́n ń pè é, Màmá sì ń jẹ́ ẹ.*

*Màmá kì í lé aláìsàn tó bá sọ nọ́ńbà rẹ̀ nù padà. Màmá á wò ó lójú, á ní, "Ọmọ ilé ta ni ọ́?" Bí ó bá ti dárúkọ bàbá rẹ̀ àti àdúgbò rẹ̀, Màmá á ti dìde lọ síbi àpótí. Lọ́jọ́ kan, mo rí obìnrin mẹ́ta tó ń jẹ́ Fúnmiláyọ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Màmá kò pariwo orúkọ. Màmá gbé káàdì mẹ́ta jáde, ó kù díẹ̀ kí n ní kí wọ́n wo nọ́ńbà, ṣùgbọ́n káàdì kọ̀ọ̀kan ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.*

*Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí lọ́dún tí òjò gba òrùlé wọ yàrá ìwé á rántí. Òru Sátidé ló rọ̀. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, Màmá ti múra ṣọ́ọ̀ṣì, gèlè ti wà lórí, nígbà tí ìròyìn kàn wọ́n. Kí àwa tó dé, Màmá ti to káàdì sórí gbogbo bẹ́ǹṣì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá ti tú gèlè. Gèlè yẹn ni wọ́n fi ń tẹ omi kúrò lára káàdì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Wọ́n ní ká kọ́kọ́ gbé káàdì àwọn aboyún sí oòrùn, nítorí pé àwọn aboyún ló ni ọjọ́ Mọ́ńdè. Nígbà tí Mọ́ńdè dé, a kò dá aboyún kankan padà.*

*Màmá, fèrèsé ṣì wà ní ṣíṣí. Ọmọbìnrin tí ẹ kọ́ níṣẹ́ ló jókòó síbẹ̀. Ní àná, mo gbọ́ tí ó ń bi bàbá kan pé, "Ọmọ ilé ta ni yín, bàbá?" Ẹ sùn un re.*

Kí ló dé tí kò sí oríkì, tí kò sì sí ẹsẹ Bíbélì níbẹ̀?

Olùṣọ́àgùntàn ti ka Bíbélì kí ó tó kàn mí, ẹnìkan nínú ẹbí sì ti ní òun á ki olóògbé. Ẹni tó máa ki ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ orírun rẹ̀ dáadáa. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Yàgbà kò ní dúró níwájú àwọn ará Ìjùmú kí n máa ṣi oríkì wọn kì. Bí o bá wo ètò ọjọ́ náà, wàá mọ ohun tí ẹlòmíràn ti gbé dání, kí o má baà tún un gbé.

Ṣé Yorùbá ni kí n fi kà á, nígbà tí Ìgalà, Ẹ̀bìrà àti Núpé wà láàárín wa? Èdè ìlú wa ńkọ́?

Ní ìpínlẹ̀ wa, ìbéèrè yìí kò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀. Mo ka gbólóhùn mẹ́ta ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú, láti sọ ẹni tí olóògbé jẹ́ àti ìtàn tí mo fẹ́ sọ, kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó bí àlejò. Lẹ́yìn náà mo ka ìyókù ní Yorùbá. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń túmọ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ti ń kà á. Ọ̀rọ̀ náà di ti ìlọ́po méjì, ẹkún sì gbẹ lójú àwọn ènìyàn.

Ní ti èdè tiwa, Yorùbá àjùmọ̀lò ni mo kọ, nítorí pé Owé, Bùnú, Yàgbà àti Ìjùmú ló jókòó, ohùn kálukú sì yàtọ̀. Àmọ́ "Okun" ni mo fi kí gbogbo ènìyàn kí n tó ṣí ìwé, ìkíni tó so gbogbo wa pọ̀ títí tó fi di orúkọ wa. Ọ̀rọ̀ tí olóògbé máa ń sọ lójú fèrèsé náà, ìyẹn "Ọmọ ilé ta ni ọ́?", ohùn Ìjùmú ni mo fi sọ ọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ náà, bó ti ń jáde lẹ́nu wọn gan-an. Ní kí ẹnìkan tó ń sọ èdè náà kọ́ ọ ṣáájú. Bí o bá ṣì í sọ, ẹ̀rín ni yóò gbà.

Báwo ló ṣe yẹ kí ó gùn tó, báwo ni mo sì ṣe máa tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé?

Ohun tí ẹ kà lókè kò pé 300 ọ̀rọ̀, ó sì gbà mí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, pẹ̀lú dídákẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá fún ọ ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kọ ti mẹ́rin, nítorí pé kíkà níwájú òkú máa ń lọ́ra ju kíkà nínú yàrá lọ. Kà á sókè ní ilé, kí fóònù máa ka ìṣẹ́jú, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mẹta. Ibi tí ahọ́n rẹ bá ti kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, gbólóhùn yẹn ló yẹ kó yí padà; ẹnu rẹ kò jẹ̀bi.

Tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, ìwọ̀n 16 tàbí 18, kí ìlà má súnmọ́ ara wọn, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lára ìwé kọ̀ọ̀kan ni kí o sì lò. Má jẹ́ kí gbólóhùn kan bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kan kó parí sí òmíràn. Fi àmì ohùn sí i pátá. Ẹni tó kọ ọ́ fúnra rẹ̀ lè rò pé òun kò nílò àmì, ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá ní láti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kà, "oko won" lè di oko tí olóògbé ń dá tàbí ọkọ tí olóògbé fẹ́. Mo wà níbi tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀: òǹkàwé sọ pé èpò ti bo ọkọ olóògbé. Ọkọ náà jókòó ní ìlà iwájú.

Bí ẹkún bá gbà mí ńkọ́?

Ó ṣeé ṣe kó gbà ọ́ níbi tí o kò retí. Ìtàn òjò ni mo ń bẹ̀rù. Mo kà á já láìsí wàhálà, àfi ìgbà tí mo dé "Màmá, fèrèsé ṣì wà ní ṣíṣí," nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti yí láti bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀ sí bíbá olóògbé fúnra wọn sọ̀rọ̀, "ẹ" sì jáde lẹ́nu mi bíi pé wọ́n wà níbẹ̀. Ohùn mi kọ̀.

Ohun tí a ti ṣètò ló gbà mí. Ẹlẹgbẹ́ mi kan mú ẹ̀dà ìwé náà dání lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi ìka tọ́ ìlà tí mo wà. A ti jọ fẹnu kò pé bí mo bá gbé ọwọ́ lé tábìlì, kí ó dúró. Bí mo bá gbé ìwé sílẹ̀, kí ó gbà á. Ọwọ́ ni mo gbé lé tábìlì. Mo mu omi, mo mí síta lẹ́ẹ̀mejì, mo tún gbólóhùn náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Má tọrọ gáfárà. Àwọn tó jókòó á dúró dè ọ́.

Bí olóògbé bá jẹ́ Mùsùlùmí ńkọ́?

Wọ́n á ti sin ín kí ìpàdé yín tó wáyé, nítorí náà má kọ ọ́ bíi pé òkú ṣì wà nílẹ̀. Àdúrà kúkúrú ló yẹ ìparí rẹ̀, kí Ọlọ́hun fọrí jìn ín, kí ó sì fi Àlùjánnà kẹ́ ẹ. Fi ọ̀rọ̀ náà han ẹnìkan nínú àwọn Mùsùlùmí tó wà níbi iṣẹ́ kí o tó kà á.

Ṣé kí n dárúkọ iye owó tí àwa òṣìṣẹ́ dá fún ẹbí?

Rárá. Ẹ fi í sínú àpò ìwé, kí ẹni tó dàgbà jù mú un lọ sílé wọn.

Kí ni a ń fi ìwé náà ṣe lẹ́yìn kíkà?

A tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, gbogbo òṣìṣẹ́ ẹ̀ka náà sì fọwọ́ sí i. Ọ̀kan wọ fáìlì olóògbé, ó wà lẹ́yìn ìwé ìgbanisíṣẹ́ ọdún 1992 yẹn. Èkejì ni mo mú lọ bá ọmọ wọn ọkùnrin àgbà. Ó kà á lórí ìdúró ní ẹnu ọ̀nà, ó dé ibi òjò, ó dákẹ́. Ó ní òun rántí ọjọ́ Sọ́ńdè náà: ìyá òun padà wálé láìdé ṣọ́ọ̀ṣì, gèlè tó rẹ tí yíǹkì sì ti bà jẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, nígbà tí òun sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n sọ ò ju pé òjò pa àwọn lọ́nà.